Bí gáàsì bá ń jò lójú rẹ́gúlétọ̀: ẹ fi omi ọṣẹ wá a, kí ẹ sì pààrọ̀ wọ́ṣà rẹ̀

Ìyá kan tó ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà tà ní Parakin, nílùú Ilé-Ifẹ̀ níbí, ló ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá òun wo kúkà òun, ó ti ń jẹ gáàsì jù. Sílíńdà kílò 12.5 ló ń lò. Bó bá ti rọ ọ́ kún, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló máa ń fi dáná, iye ìkòkò tó sì ń gbé kaná lójúmọ́ kò tíì yí padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ 12 péré ni iná kú. Èmi àti ìyá jókòó, a ṣírò rẹ̀. Kílò 12.5 fún ọjọ́ 21 jẹ́ bíi kílò 0.6 lójúmọ́. Láàárín ọjọ́ 12, ohun tó yẹ kó ti lò jẹ́ kílò 7 àti díẹ̀. Ó ku bíi kílò 5 tí kò sẹ́ni tó fi se nǹkan kan.

Mo yẹ bọ́nà rẹ̀ wò, kò ní àbùkù. Ibi tí kílò 5 yẹn gbà lọ ni ojú ibi tí rẹ́gúlétọ̀ ti so mọ́ orí sílíńdà, lára wọ́ṣà rọ́bà kan tí kò tóbi ju owó ẹyọ lọ. Ìyá ní òun máa ń gbóòórùn gáàsì fìrí láàárọ̀, ṣùgbọ́n abà onípákó tó ṣí sílẹ̀ ni ilé ìdáná rẹ̀, atẹ́gùn a sì ti gbé òórùn náà lọ kó tó ronú kàn án. Abà yẹn ló kó o yọ. Ká ní inú yàrá tó pa dé ló ti ń dáná ni, gáàsì yẹn ì bá kó jọ síbẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi ṣá ìṣáná.

Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, nítorí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni, bó bá mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Iṣẹ́ tí wọ́ṣà yẹn ń ṣe

Omi ni gáàsì tó wà nínú sílíńdà, agbára tí wọ́n fi tì í mọ́lẹ̀ ni kò jẹ́ kó di atẹ́gùn. Agbára tó wà níbẹ̀, lọ́sàn-án tí oòrùn mú dáadáa, lè ju ti atẹ́gùn inú táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ fíìfíì. Rẹ́gúlétọ̀ ló ń dín in kù. Bí ẹ bá wo ara rẹ́gúlétọ̀ kúkà ilé, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ 28 mbar tàbí 30 mbar sí i, mbar ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára gáàsì àti atẹ́gùn. Táyà ọkọ̀ tí a fẹ́ dáadáa ń gbé bíi 2,000 mbar. Ẹ rí i pé gáàsì tó ń gba inú họ́ọ̀sì kọjá lọ sí kúkà ti rọlẹ̀ pátápátá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí èémí ẹnu.

Ṣùgbọ́n wọ́ṣà kò sí lẹ́yìn rẹ́gúlétọ̀. Iwájú rẹ̀ ló wà, láàárín ẹnu fáàfù sílíńdà àti imú rẹ́gúlétọ̀, níbi tí gáàsì kò tíì rọlẹ̀. Gbogbo agbára inú sílíńdà ló ń tì í. Ìdí nìyẹn tí ihò tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun níbẹ̀ fi ń gbé gáàsì jáde ju ihò kan náà lára họ́ọ̀sì lọ.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé nọ́ọ̀tì ńlá ara rẹ́gúlétọ̀ kọ́ ló ń dí gáàsì. Iṣẹ́ nọ́ọ̀tì ni kí ó fa imú rẹ́gúlétọ̀ mọ́ ẹnu fáàfù kí wọ́ṣà lè fún pọ̀ láàárín wọn. Rọ́bà tó fún pọ̀ yẹn ló ń dí i. Nítorí náà, téèpù funfun tí àwọn tó ń so páìpù omi máa ń wé kò wúlò fún nǹkan kan níbí. Mo ti bá a lára sílíńdà lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n wé e yí ẹsẹ̀ nọ́ọ̀tì ká bí ìgbà tí wọ́n ń wé ọgbẹ́, gáàsì sì ń jò lábẹ́ rẹ̀ ní tirẹ̀. Nígbà míì ó tún ń dá kún un, torí pé kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì wọlé tó bó ṣe yẹ.

Bí òórùn bá ti gba ilé, ìdánwò kọ́ ló kàn

Ẹ kọ́kọ́ pa iná tó bá ń jó. Ẹ yí ọwọ́ fáàfù orí sílíńdà sí apá ọ̀tún títí yóò fi tì. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń wọ́ sí, ó sì ń kó jọ sí ibi kòtò bí omi òjò. Fèrèsé òkè nìkan kò tó, ilẹ̀kùn tó kan ilẹ̀ ló máa jẹ́ kó rọ́nà jáde. Títan iná mànàmáná léwu, pípa èyí tó ń tàn náà sì léwu, nítorí ìtapàrà kékeré tó máa ń ṣẹ́ nínú súìṣì. Ohun kan náà ni fáànù, fíríìjì, jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ilé àti fóònù tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jáde sí ìta kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá ti ti fáàfù pa tí gáàsì ṣì ń sú, fáàfù fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́, ọ̀rọ̀ wọ́ṣà ti kọjá nìyẹn. Bí ọwọ́ yín bá lè gbé e láìséwu, ẹ gbé sílíńdà náà jáde ní ìnàró sí gbalasa, jìnnà sí gọ́tà, kànga àti iná aládùúgbò. Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀, nítorí bó bá dùbúlẹ̀, omi gáàsì ni yóò máa jáde dípò atẹ́gùn rẹ̀, ìyẹn sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lọ́nà tó burú. Ẹ lé àwọn ènìyàn sẹ́yìn, kí ẹ sì pe 112.

Àfi ìgbà tí òórùn bá ti lọ tán, tí fáàfù sì tì gírígírí, la tó ń sọ̀rọ̀ omi ọṣẹ.

Omi ọṣẹ

Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ ló dára jù. Ẹ da ṣíbí ọṣẹ kan sínú ṣíbí omi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ rọra rò ó. Bí kò bá sí i, ẹ ha ọṣẹ ìfọṣọ sínú omi gbígbóná kí ó yọ́, kí ó sì tutù. Ẹ má lo èyí tó ní bílíìṣì nínú, ó máa ń jẹ idẹ. Ẹ má sì pò ó títí yóò fi hó, èyí ṣe pàtàkì. Bí omi náà bá ti kún fún ìfófò kí ẹ tó kàn án mọ́ ibẹ̀, ẹ ò ní mọ èyí tí gáàsì fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí ọwọ́ yín pò.

Ẹ lọ sí ìta pẹ̀lú sílíńdà náà bó bá ṣeé ṣe. Gbogbo kọ́ńbù tí ẹ fi ń ṣí bọ́nà kúkà gbọ́dọ̀ wà ní pípa. Ẹ wá rọra ṣí fáàfù sílíńdà, ìyí kan ti tó. Nísinsìnyí gáàsì ti dé ojú wọ́ṣà, ti gba rẹ́gúlétọ̀, ti kún họ́ọ̀sì, kò sì níbi tó lè gbà lọ àyàfi ibi tó bá ń jò. Bí ẹ bá dán an wò pẹ̀lú fáàfù ní títì, ọṣẹ yóò jókòó jẹ́jẹ́, ẹ ó sì rò pé ara ohun gbogbo le. Mo mọ àwọn tó ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ tàbí ègé fóòmù kan ọṣẹ náà mọ́ nọ́ọ̀tì, níwájú tó kọjú sí fáàfù àti lẹ́yìn tó kọjú sí rẹ́gúlétọ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń kàn án síwájú nìkan. Gáàsì tó bá yọ́ kọjá lára wọ́ṣà lè gba ojú ẹsẹ̀ nọ́ọ̀tì jáde síwájú, ó sì lè gba àyè tó wà láàárín nọ́ọ̀tì àti imú rẹ́gúlétọ̀ jáde sẹ́yìn. Ti ìyá Parakin, ẹ̀yìn ló gbà. Ẹ yí ọṣẹ dé ìsàlẹ̀ tí ojú ò rí, kí ẹ fi dígí kékeré wò ó bó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá ní sùúrù. Ẹ fi ojú sí i fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ìfófò tí búrọ́ọ̀ṣì fi síbẹ̀ yóò máa kéré sí i, yóò máa fọ́ lọ. Èyí tí gáàsì ń fẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́, á wú bí ẹ̀wà, á bẹ́, òmíràn á sì tún yọ lójú ibi kan náà gan-an. Ojú kan náà yẹn ni ẹ̀rí. Bí jíjò náà bá kéré gan-an, ìfófò ńlá kọ́ ni ẹ ó rí, ọ̀wọ́ wẹ́wẹ́ funfun tó ń ga díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀rá wàrà ni. Bó bá sì pọ̀ jù, yóò fẹ́ ọṣẹ dànù, kò ní jẹ́ kó wú rárá, ṣùgbọ́n etí yín yóò gbọ́ ọ, ṣííì, ẹ ó sì rí i tí omi ọṣẹ ń ta.

A kì í fi ìṣáná tàbí láítà wá ibi tí gáàsì ti ń jò. Imú náà kò tó fún iṣẹ́ yìí. Gáàsì fúnra rẹ̀ kò lóòórùn, kẹ́míkà kan ni wọ́n pò mọ́ ọn ká lè mọ̀ bó bá ń jò, imú sì máa ń mọ́ òórùn yẹn lára. Ẹni tó ti wà nínú ilé ìdáná láti àárọ̀ lè máà gbọ́ ohun tí àlejò gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Bí ìfófò bá yọ níbòmíràn

Wọ́ṣà nìkan kọ́ ló ń jò, ibi tí ìfófò bá sì ti yọ ló ń sọ ohun tí ẹ máa ṣe. Bó bá jẹ́ ìdí ọwọ́ fáàfù, lára ọ̀pá tó ń yí, inú fáàfù ló ti bàjẹ́. Ẹ má tú ohunkóhun níbẹ̀. Ẹ tì í, kí ẹ sì dá sílíńdà náà padà sí ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì, kí àwọn tó ní irinṣẹ́ rẹ̀ pààrọ̀ fáàfù. Bó bá jẹ́ ihò tín-ín-rín tó wà lójú rẹ́gúlétọ̀, ibi tó ti ń mí, awọ inú rẹ̀ ló ya. Rẹ́gúlétọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣe é tún ṣe, tuntun ni kí ẹ rà. Bó bá jẹ́ ẹnu họ́ọ̀sì, ẹ fún kílíìpù rẹ̀ le. Bí ẹnu họ́ọ̀sì náà bá sì ti gan tàbí tó ti sán, ẹ ra òmíràn.

Ojú nọ́ọ̀tì nìkan ló kan wọ́ṣà. Bó bá jẹ́ ibẹ̀, ó yá.

Títú rẹ́gúlétọ̀

Ẹ ti fáàfù pa. Ẹ ṣí kọ́ńbù bọ́nà kan, kí ìwọ̀n gáàsì tó kù nínú họ́ọ̀sì jáde, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan níta kí ó fẹ́ lọ, kí ẹ sì pa kọ́ńbù náà padà.

Ibí yìí ló ti ń dààmú ènìyàn. Ọwọ́ fáàfù ń tì sí apá ọ̀tún bí ẹ̀rọ omi. Nọ́ọ̀tì rẹ́gúlétọ̀ lòdì sí i: òsì ló ń dè sí, ọ̀tún ló ń tú sí. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì de nǹkan tí kì í ṣe ti gáàsì mọ́ ọn. Lára nọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀, ẹ lè rí ilà kékeré tí wọ́n gé sí àwọn igun rẹ̀, àmì pé òdì ló ń yí nìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀, tó ń rò pé òun ń tú u, ń fún un le ni, bó bá sì fi sípánà gígùn tì í, ojú nọ́ọ̀tì á jẹ. Mo ti rí rẹ́gúlétọ̀ tuntun tó bàjẹ́ báyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n rà á.

Ẹ fi ọwọ́ kan di sílíńdà mú kó má baà yí, kí ẹ fi sípánà tó bá nọ́ọ̀tì mu rẹ́gí tú u sọ́tùn-ún. Bó bá ti rọ̀, ẹ fi ọwọ́ tú èyí tó kù. Ẹ lè gbọ́ “ṣù” ṣókí bí nọ́ọ̀tì bá kọ́kọ́ rọ̀, gáàsì díẹ̀ tó há síbẹ̀ ni. Bí kò bá dákẹ́, fáàfù kò tì dáadáa, ẹ de nọ́ọ̀tì padà kíákíá.

Ẹ wo imú rẹ́gúlétọ̀. Wọ́ṣà máa ń wà níbẹ̀, tàbí kó lẹ̀ mọ́ inú ẹnu fáàfù. Ibi tí ẹ bá ti rí ti àtijọ́ ni kí ẹ fi tuntun sí. Ẹ má fi méjì sí i. Àwọn sílíńdà kan wà, pàápàá àwọn kékeré tí wọ́n ń gbé bọ́nà lé lórí, tí rọ́bà tiwọn jẹ́ òrùka róbótó tó wà nínú ihò fáàfù. Igi ìtayín ni kí ẹ fi yọ ìyẹn, kì í ṣe abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀bẹ, nítorí bí irin bá ha ojú idẹ tó ń jókòó lé, kò sí rọ́bà tí yóò tún dí i mọ́.

Ohun tí mo bá nínú ti ìyá Parakin

Nígbà tí mo tú tirẹ̀, ohun tó jábọ́ sí mi lọ́wọ́ dúdú, ó rọ̀ bí ìpékeré tó bọ́ sómi, etí rẹ̀ kò sì dọ́gba. Sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi gé e. Mo fà á díẹ̀, ó nà. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ni.

Mo ní, “Ìyá, ta ló fi eléyìí síbẹ̀?”

Ó ní, “Ọmọ mi, níbi tí mo ti rọ gáàsì ni. Wọ́n ní ti tẹ́lẹ̀ ti jábọ́, àwọn ò rí i mọ́. Ọmọ náà ló bá mi gé e, kò tiẹ̀ gbowó.”

Ọmọ náà kò ní ète ibi, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́bà táyà àti rọ́bà bàtà sílípáàsì kò lè bá gáàsì gbé. Gáàsì máa ń wọ inú wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yóò dí i pa, omi ọṣẹ pàápàá lè máà rí nǹkan kan. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan yóò wú, yóò rọ̀, yóò máa yọ́ kúrò lójú àyè rẹ̀ bí nọ́ọ̀tì ti ń fún un. Bí gáàsì bá tán, tó gbẹ, yóò súnkì, yóò sì gan. Ohun tó sì mú kí jíjò ti ìyá yìí falẹ̀ kó tó hàn nìyẹn: ọjọ́ tí wọ́n fi sí i, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò dára.

Wọ́ṣà gáàsì gidi, rọ́bà tí wọ́n ń pè ní nítíráìlì ni wọ́n fi ń ṣe é, èyí tí epo àti gáàsì kì í sáábà wọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ta rẹ́gúlétọ̀ àti họ́ọ̀sì ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sì sọ pé wọ́ṣà gáàsì ni ẹ fẹ́, kì í ṣe ti páìpù omi. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ, tàbí rẹ́gúlétọ̀ fúnra rẹ̀ bí ti àtijọ́ bá ti sọnù. Ti ìyá ti sọnù, nítorí náà mo gbé rẹ́gúlétọ̀ náà lọ sí ọjà Odò-Ogbè.

Ẹ gbé wọ́ṣà tuntun sí àyè rẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ó gbọ́dọ̀ jókòó pẹlẹbẹ, kó má máa rìn síbí rìn sọ́hùn-ún, kó má sì di pé ẹ ń fi ipá tẹ̀ ẹ́ wọlé tí àárín rẹ̀ ń ga. Ihò àárín rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kéré ju ihò tí gáàsì ń gbà lọ. Bó bá nípọn jù, ẹsẹ̀ nọ́ọ̀tì tó máa wọlé kò ní tó, bó bá sì fẹ́lẹ́ jù, nọ́ọ̀tì á dé òpin kó tó fún un pọ̀. Ẹ fi ìka ká a pọ̀: èyí tó bá ń sán tàbí tí ojú rẹ̀ ń là ti pẹ́ lórí igbá, ẹ dá a padà. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò, ojú nìkan máa ń tan èèyàn, nítorí dúdú ni gbogbo wọn.

Fífi tuntun sí i

Ẹ fi aṣọ òwú tó gbẹ nu imú rẹ́gúlétọ̀ àti ẹnu fáàfù. Nígbà ọyẹ́, eruku tó ń wọ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ má fi gírísì, epo, àdín tàbí gọ́ọ̀mù sí i. Gbígbẹ ni wọ́ṣà máa ń wà.

Ẹ tẹ wọ́ṣà sí àyè rẹ̀. Ẹ gbé imú rẹ́gúlétọ̀ sí ẹnu fáàfù kó tọ́ gbọnrangandan, kí ẹ wá fi ìka nìkan yí nọ́ọ̀tì sí òsì. Ó yẹ kó máa lọ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Bó bá ń le láti ìyí àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bọ́ síra, ẹ tú u, kí ẹ tún un gbé. Ẹ yí i títí ìka kò fi ní lè yí i mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, sípánà: ìdá kan nínú mẹ́rin ìyí kan, kí ẹ dúró. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yóò máa yún yín láti fi kún un. Ẹ má ṣe é. Wọ́ṣà tí a fún jù máa ń gé lójú ibi tí imú idẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, a sì yọ ègé rẹ̀ wọ inú, gáàsì á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó ni ín á sì tún fún un le sí i. Bí ọ̀pọ̀ wọ́ṣà ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ padà sí omi ọṣẹ. Kọ́ńbù kúkà ní pípa, ẹ rọra ṣí fáàfù, ẹ kan ọṣẹ síwájú àti sẹ́yìn nọ́ọ̀tì, kí ẹ ka ìṣẹ́jú kan.

Ti ìyá Parakin kò tán lẹ́ẹ̀kan. Wọ́ṣà tuntun ti wọlé, nọ́ọ̀tì ti le, mo kan ọṣẹ, iwájú dákẹ́. Ẹ̀yìn náà dákẹ́. Mo ti fẹ́ dìde nígbà tí mo rí ìfófò kan lábẹ́, tó tó orí abẹ́rẹ́, tó wú díẹ̀díẹ̀, tó bẹ́, tí òmíràn sì yọ síbẹ̀. Mo ti fáàfù pa, mo tún un tú. Mo gbé ẹnu fáàfù sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, mo wá rí i: fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rọ́bà táyà tó ti yọ́ ló lẹ̀ mọ́ idẹ, kò gùn ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ. Mo fi igi ìtayín ré e kúrò, mo fi aṣọ nu ún títí idẹ fi ń dán yí ká, mo sì wo wọ́ṣà tuntun bóyá ó ti ní àpá. Kò ní. Mo tò ó padà. Mo kan ọṣẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ìyá fúnra rẹ̀ tẹ̀ ba, ó ń wò ó pẹ̀lú mi. Kò sí ohun tó wú.

Bí ẹ bá ti pààrọ̀ wọ́ṣà, tí ẹ nu ojú idẹ, tó sì ṣì ń jò lójú kan náà, ẹ má pààrọ̀ wọ́ṣà kẹta. Ẹ fi ìka tọ etí ẹnu fáàfù àti imú rẹ́gúlétọ̀. Bí ìka bá kọ́ ilà tàbí ojú tó jin, irin ti ha á. Bó bá jẹ́ imú rẹ́gúlétọ̀, ẹ ra rẹ́gúlétọ̀ mìíràn. Bó bá jẹ́ ẹnu fáàfù, sílíńdà gbọ́dọ̀ padà sí ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́. Kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ dé ìdérí mọ́ fáàfù bó bá ní, kí ẹ sì gbé e ní ìnàró nínú ọkọ̀ tí wíńdò rẹ̀ ṣí.

Lẹ́yìn ìdánwò, ẹ fi omi lásán nu ọṣẹ kúrò, kí ẹ sì nu ún gbẹ.

Ní ibi tí ẹ bá ti ń rọ gáàsì

Níbẹ̀ ni wọ́ṣà ti sábà máa ń sọnù. Bí wọ́n bá ti tú rẹ́gúlétọ̀ nílé kí ẹ tó gbé sílíńdà lọ, ẹ wo imú rẹ̀ bóyá wọ́ṣà wà níbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó ti bá ẹnu fáàfù lọ, ó sì lè jábọ́ nígbà tí wọ́n bá ń so ẹ̀rọ ìrọgáàsì mọ́ ọn. Ẹ yọ ọ́ nílé kí ẹ fi pamọ́. Bí ẹ bá padà dé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tò ó: bó bá ti gan, tó ní ilà jíjìn lójú, tàbí tí etí rẹ̀ ti ya, ẹ lo tuntun. Omi ọṣẹ ló kàn lẹ́yìn tí ẹ bá ti tò ó, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tú nọ́ọ̀tì yẹn, ì báà jẹ́ pé wọ́ṣà àná ni.

Ìyá Parakin ra wọ́ṣà mẹ́ta lé èyí tí mo lò. Ó dì wọ́n sínú ọ̀rá kékeré, ó sì fi ìṣó kọ́ ọ mọ́ òpó abà rẹ̀, níbi tí èéfín kì í dé. Sílíńdà tó rọ lẹ́yìn ìyẹn lo ọjọ́ 20.